Kí ló dé tí lápútọ́ọ̀pù tuntun ò fi mọ ọ̀rọ̀ ọdún 2022? Bí a ṣe ń so ẹ̀rọ mọ́ WhatsApp, tí a sì ń wá ọ̀rọ̀ àtijọ́ rí

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta léèsì ní Gbàgì, n'Íbàdàn, ló pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ó ti ra lápútọ́ọ̀pù sí ìsọ̀, ó ti so WhatsApp rẹ̀ mọ́ ọn, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ò ní máa fi àtàǹpàkò nìkan kọ̀wé sí oníbàárà mọ́. Àfi bí oníbàárà kan ṣe dé, tó ní irú léèsì tí òun rà fún ìsìnkú bàbá òun ní 2022 gan-an ni òun ń wá, àwọ̀ kan náà, nọ́ńbà kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi wá orúkọ obìnrin náà lórí lápútọ́ọ̀pù, ó rí i. Ó fa ọ̀rọ̀ wọn sókè, ó tún fà á sókè, kò pẹ́ tó fi kan ògiri. Kò sí 2022 níbẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ oṣù méjì sẹ́yìn. Ìlà kékeré kan ló bá lókè pátápátá, tó bẹ̀rẹ̀ báyìí:

```
Use WhatsApp on your phone to see older messages
```

"Àbúrò mi, ẹ̀rọ tí mo fowó ara mi rà ti gbé ọ̀rọ̀ mi mì," ohun tó wí nìyẹn. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, lórí fóònù yín ńkọ́?" Ó ní òun ò tíì wò ó. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá bọ́ sínú irú ọ̀ràn yìí ti ń ṣìnà, torí náà ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó fà á yóò yọ ẹ̀rọ náà kúrò, yóò tún un so, yóò sì ba èyí tó kù jẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá so ẹ̀rọ tuntun

Nígbà tí WhatsApp kọ́kọ́ gbé ti orí kọ̀ǹpútà jáde ní 2015, fèrèsé lásán ni kọ̀ǹpútà jẹ́. Inú fóònù ni ọ̀rọ̀ wà, kọ̀ǹpútà kàn ń yọjú wò ó ni. Bí bátìrì fóònù bá kú, fèrèsé náà á tì. Àmọ́ ẹni tó bá fa ọ̀rọ̀ sókè lórí kọ̀ǹpútà nígbà náà lè dé ọjọ́ tó ra fóònù rẹ̀, torí fóònù ló ń kà á sí i létí. Àwa tí a ti ń lò ó láti ìgbà yẹn la máa ń yà lẹ́nu jù pé ti ìsinsìnyí ò rí bẹ́ẹ̀.

Oṣù Keje 2021 ni WhatsApp kéde ètò mìíràn. Lápútọ́ọ̀pù kì í ṣe fèrèsé mọ́, ó ti ní yàrá tirẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tí kò bá ti fóònù dọ́gba, ó ní àpótí tó ń kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí, ó sì lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí fóònù bá wà ní pípa. Ẹ̀rọ mẹ́rin lẹ lè so mọ́ fóònù kan. Nígbà tí oníbàárà bá kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi, fóònù oníbàárà yẹn á ka iye ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́jọ́ yẹn, á ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì fi àgádágodo tó bá kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mu tì í.

Ẹ wò ó bí ìgbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ lóde aríyá. Iye ẹni tó wà ní ìjókòó ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó di oúnjẹ sínú ike. Ẹni tó dé lọ́jọ́ kejì, kò sí ike kankan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Lọ́dún 2022, lápútọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú páálí ní ilé ẹni tó tà á, bóyá wọn ò tilẹ̀ tíì tò ó. Kò sẹ́ni tó lè ti ọ̀rọ̀ pa fún kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì sí. Ẹ ò sì lè ní kí WhatsApp lọ kó o wá láti ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí, torí lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, kì í pa á mọ́. Èyí tí kò tíì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín ni wọ́n ń tọ́jú fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí fóònù bù lára tirẹ̀ fún un. Bí ẹ ṣe ń so lápútọ́ọ̀pù báyìí, fóònù á ṣẹ́ ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ jù lọ jọ, á dì í lẹ́rù, á tì í pa, á fi ẹrù náà ránṣẹ́ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, á sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí òun náà wà ní títì pa. Lápútọ́ọ̀pù á gba ẹrù, á ṣí i, á kó o sínú àpótí tirẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, inú àpótí yẹn ló ti ń ka ohun tó bá fẹ́ fi hàn yín, kì í tún dédé padà lọ wo inú fóònù. Ẹrù tí fóònù dì yìí kì í ṣe gbogbo ilé. Ẹni tó ti ń lo WhatsApp fún ọdún mẹ́wàá lè ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀. Bí fóònù bá ní kí òun dì gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, dátà á tán, bátìrì á kú, lápútọ́ọ̀pù náà á sì kún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ti àìpẹ́ ló máa ń dì.

Nítorí náà, ògiri tí ẹ̀gbọ́n mi kàn ò túmọ̀ sí pé nǹkan sọnù. Ibi tí ẹrù tí fóònù dì parí sí ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo fóònù kí ẹ tó bínú sí lápútọ́ọ̀pù

Ẹ ṣí ọ̀rọ̀ ẹni náà lórí fóònù gan-an. Ẹ má wulẹ̀ máa fi ìka fà á sókè títí dé 2022, ọwọ́ á ro yín. Lórí Android, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ yan `Search`, ẹ ó rí àwòrán kàlẹ́ńdà kékeré kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ mú ọdún, oṣù àti ọjọ́, á gbé yín débẹ̀ tààrà. Lórí iPhone, orúkọ ẹni náà lókè lẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀ kí ẹ tó rí `Search`.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá wà lórí fóònù, ara ti tù yín, ìyókù kò ju bí yóò ṣe dé orí lápútọ́ọ̀pù lọ. Bí kò bá sí lórí fóònù, lápútọ́ọ̀pù ò lè rí i láéláé, torí ẹni tí kò ní in ò lè dì í fún ẹlòmíì. Ohun tó máa ń fa èyí ni pé wọ́n pààrọ̀ fóònù láì gbé bákọ́ọ̀pù ti tẹ́lẹ̀ padà, tàbí pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà sí èyí tó ń pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pààrọ̀ fóònù, ẹ jẹ́ kó gbé bákọ́ọ̀pù padà sórí fóònù tuntun tán pátápátá kó tó so ẹ̀rọ kankan mọ́ ọn. Mo ti rí ẹni tó so lápútọ́ọ̀pù lọ́jọ́ tí fóònù rẹ̀ ṣì ṣófo. Òfìfo náà ni fóònù dì fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún ilé ṣe kí àlejò tó dé

Ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ so ẹ̀rọ ni ẹrù ńlá ń kọjá. Wákàtí yẹn ló yẹ kí ẹ fún ní àkókò, kì í ṣe ìgbà tí oníbàárà wà níwájú yín. Ẹ jẹ́ kí bátìrì fóònù dára, kódà kó wà lórí iná. Ẹ so fóònù àti lápútọ́ọ̀pù pọ̀ mọ́ Wi-Fi bí ẹ bá rí i. Bí dátà lẹ fẹ́ lò, ẹ pa ohun tó ń ṣọ́ dátà lò lórí fóònù, nítorí òun gan-an ló máa ń dá ẹrù dúró lójú ọ̀nà. Bákan náà ni àwọn fóònù kan ṣe máa ń pa iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ojú fóònù láti fi bátìrì pamọ́. Ẹ wọ ibi ètò bátìrì, kí ẹ fún WhatsApp láyè láti ṣiṣẹ́ láì sí ìdíwọ́, ó kéré tán fún ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ pinnu ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ lè lò ó nínú búráúsà, ní web.whatsapp.com, ẹ sì lè fi áàpù WhatsApp gan-an sórí kọ̀ǹpútà. Tèmi ni pé bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ tiyín, kí ẹ lo áàpù. Inú àpótí búráúsà ni ti búráúsà ń kó ọ̀rọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ọmọ kékeré kan lè wá gbá búráúsà mọ́ lọ́jọ́ kan, kó nu gbogbo ohun tó tọ́jú, kí ọ̀rọ̀ yín sì bá a lọ. Fèrèsé ìkọ̀kọ̀ búráúsà ló burú jù: bí ẹ bá ti pa á dé báyìí, gbogbo rẹ̀ ti lọ, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo lọ́la. Fún kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ní ibi ìtẹ̀wé, fèrèsé ìkọ̀kọ̀ yẹn gan-an ló dára, nítorí ìdí kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: síso ó

Lórí fóònù Android, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta, ẹ yan `Linked devices`, lẹ́yìn náà `Link a device`. Lórí iPhone, inú `Settings` ni `Linked devices` wà. Fóònù á ní kí ẹ fi ìka tàbí ojú yín jẹ́rìí pé ẹ̀yin ni, lẹ́yìn náà á ṣí kámẹ́rà. Ẹ gbé e sí iwájú àwòrán dúdú àti funfun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Bí kámẹ́rà fóònù bá ti fọ́ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yan fífi nọ́ńbà fóònù so ó. Kọ̀ǹpútà á fún yín ní àmì mẹ́jọ tí ẹ ó tẹ̀ sórí fóònù. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní àmì mẹ́jọ yìí o, ẹ má sì tẹ àmì tí ẹlòmíì fún yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun tẹ̀ ẹ́ ń so kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yín ni, fóònù yín á sì di ẹrù fún un láìjanpata bó ṣe ń dì í fún yín.

Ó yá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ojú kọ̀ǹpútà á ní:

```
Don't close this window. Your messages are downloading.
```

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, iṣẹ́ ti parí. Rárá o. Ìpín-ìpín ni fóònù ń fi ẹrù yìí ránṣẹ́. Ìpín àkọ́kọ́ kéré, kí ẹ ṣáà lè rí orúkọ àwọn ènìyàn àti ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, kí ẹ lè máa fèsì. Èyí tó wúwo, tó jẹ́ ti oṣù tó kọjá lọ sẹ́yìn, á máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láì pariwo. Bí ẹ bá wo òkè ibi tí àwọn orúkọ tò sí lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè rí ìlà yìí:

```
Syncing older messages. Click to see progress.
```

Nígbà tí ìlà yẹn bá ṣì wà, ẹ ṣí WhatsApp sílẹ̀ lórí fóònù, kí fóònù má sùn, kí ẹ má sì pa kọ̀ǹpútà dé. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti jìn sí kòtò nìyí. Alẹ́ ló so tirẹ̀, bátìrì fóònù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, NEPA sì ti mú iná lọ (orúkọ wọn ti yí padà, àwa ò tíì yí pípè rẹ̀). Ó rí orúkọ àwọn oníbàárà, ó dúpẹ́, ó pa gbogbo rẹ̀, ó sùn. Ìpín tó wúwo ò rí ọ̀nà kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ohun tí ògiri ń sọ, kí ẹ sì kàn án

Nígbà tí ẹrù bá ti wọlé tán, ẹ yan ẹnì kan tí ẹ ti ń bá sọ̀rọ̀ pẹ́, kí ẹ fà á dé òkè pátápátá lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ ló ń sọ ibi tí nǹkan dé. Bí ẹ bá rí ìlà ti àkọ́kọ́, tó ní kí ẹ lọ wo fóònù, ọjọ́ tó bá kọ sí ìdí rẹ̀ ni ààlà ẹrù yín. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ó wúlò jù kí ẹ máa bi ará àdúgbò pé oṣù mélòó ni WhatsApp ń fún ènìyàn, nítorí ti búráúsà àti ti áàpù lè yàtọ̀ síra, ti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ àti ti ẹni tí tirẹ̀ kéré náà sì lè yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, èyí lẹ ó rí:

```
Click here to get older messages from your phone.
```

Èyí dára. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á ránṣẹ́ sí fóònù pé, "Jọ̀ọ́, bá mi di díẹ̀ sí i nínú ọ̀rọ̀ ẹni yìí." Fóònù gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kó ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì dára kí WhatsApp wà ní ṣíṣí lórí rẹ̀. Díẹ̀ ni yóò fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, torí náà ẹ ó fà á sókè, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹ ó tún fà á. Ẹni kan ṣoṣo náà ló ń ṣe é fún. Bí ẹ bá fẹ́ ti ẹlòmíì, ẹ ó lọ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ náà.

Ohun kan tó ń tan ènìyàn jẹ ni àpótí ìwárí orí kọ̀ǹpútà. Inú àpótí kọ̀ǹpútà nìkan ló ń wá nǹkan sí. Bí ẹ bá kọ "léèsì" síbẹ̀ tó ní òun ò rí nǹkan kan, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé kò sí nínú ohun tí wọ́n dì fún un lọ. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ fún oníbàárà pé ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Àwòrán ní ọ̀nà tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a kọ fúyẹ́, àwòrán àti fídíò wúwo. Nínú ẹrù tí fóònù dì, àwòrán àtijọ́ sábà máa ń wá bí òjìji: ẹ ó rí i bàìbàì, pẹ̀lú àmì pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí fáìlì náà kò sì sí lórí sáfà mọ́, kọ̀ǹpútà á bẹ fóònù pé kó tún un gbé sókè. Bí fóònù bá ní in, ẹ ó rí i láìpẹ́. Bí ẹ bá ti pa àwòrán náà rẹ́ nínú fóònù nígbà tí ààyè ń há, kò sí ohun tí fóònù á gbé. Òjìji náà ni yóò wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má yọ ọ́ kúrò kí ẹ tún un so pé bóyá èyí tó kàn á pọ̀ sí i. Bí ẹ bá ti yọ lápútọ́ọ̀pù kúrò, àpótí rẹ̀ á ṣófo. Ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ láti oṣù mẹ́fà, èyí tí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti mú wá, gbogbo rẹ̀ á lọ, fóònù á sì di ẹrù tuntun tí ààlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òní. Lápútọ́ọ̀pù tó ti wà ní síso fún ọdún méjì láì já lè ní ọ̀rọ̀ ọdún méjì nínú, torí gbogbo èyí tó wọlé lójú rẹ̀ ló ní ike tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ lórí okùn ni kí ẹ tọ́jú.

Ohun tó lè já okùn yẹn láì jẹ́ pé ẹ fọwọ́ fà á kò pọ̀. Bí ẹ ò bá lo fóònù fún ohun tó lé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ so mọ́ ọn á já. Ẹni tó fi fóònù sílé tó rìnrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀n fún oṣù kan pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù nìkan, ọ̀sẹ̀ kẹta ni yóò gbọ́ ọ. Bí ẹ bá yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù tí ẹ tún un fi sí i, tàbí tí ẹ gbé nọ́ńbà lọ sórí fóònù tuntun, ẹ ó tún so ẹ̀rọ yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí ni ìlà tí ẹ máa ń rí láàárín ọ̀rọ̀ tuntun:

```
Waiting for this message. This may take a while.
```

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé, àgádágodo rẹ̀ ni kò bá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ yẹn mu. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ ṣí WhatsApp tirẹ̀, kí ẹ̀yin náà ṣí tiyín lórí fóònù, ó sábà máa ń tú ara rẹ̀. Bí kò bá tú, ẹ ní kó tún un fi ránṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá ṣe pàtàkì tó báyìí

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà, kó má gbára lé síso ẹ̀rọ rárá. Lórí fóònù, kó ṣí ọ̀rọ̀ náà, kó tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta, `More`, lẹ́yìn náà `Export chat`. Bó bá yan `Without media`, á rí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn tó ọ̀kẹ́ méjì, ìyẹn 40,000, nínú fáìlì lásán tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè ṣí. Bó bá ní kó kó àwòrán mọ́ ọn, 10,000 ni. Fáìlì yìí kò ní àgádágodo kankan mọ́, torí náà ibi tó bá gbé e sí di ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn áàpù mìíràn ń ṣe é lọ́nà tiwọn. Telegram kì í ní ògiri yìí, torí orí sáfà tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lásán ń gbé, ẹ̀rọ tuntun kàn ń lọ kà á níbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ nìkan ni kì í kúrò lórí ẹ̀rọ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Signal ní tirẹ̀ kò fún ẹ̀rọ tuntun ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ kankan rí, àfi ní Oṣù Kìíní 2025 tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ènìyàn, nígbà tó bá ń so ẹ̀rọ, bóyá kí òun kó o lọ. Bí ẹ bá gbà, gbogbo ọ̀rọ̀ á bọ́ sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwòrán ọjọ́ márùndínláàádọ́ta tó kẹ́yìn. Àsìkò síso yẹn ni ìbéèrè náà ń jáde, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó tẹ nǹkan kan.

Bí ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe parí

Nígbà tí mo dé ìsọ̀ rẹ̀, mo ní kó gbé fóònù sórí iná, kó ṣí WhatsApp sílẹ̀, kó sì jẹ́ kí lápútọ́ọ̀pù wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà tó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ń bọ̀ ti wà níbẹ̀ láti àná, kò rí i ni. Kí a tó tà fún oníbàárà méjì, ó ti pòórá, ọ̀rọ̀ obìnrin náà sì ti gùn sẹ́yìn ní oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n kò tíì dé 2022. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìlà tó ń bẹ fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ní nǹkan bí ìgbà kẹsàn-án, ó kígbe. Ọ̀rọ̀ náà yọ: nọ́ńbà léèsì, ìwọ̀n ọ̀pá márùn-ún, iye owó, àti "Ẹ kú ìnáwó" tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀.

Àwòrán léèsì náà ni òjìji. Ó tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. A wo fóònù, kò sí níbẹ̀ náà. Ó rántí pé òun ti kó àwòrán ọjà dànù lọ́dún tó kọjá nígbà tí fóònù ní òun ti kún. Oníbàárà tó ti ń wò wá láti ẹ̀yìn wá bi wá pé ṣé àwòrán yẹn là ń wá. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ nínú àpò, ó fi kàlẹ́ńdà wá ọjọ́ náà, ó rí àwòrán náà ní mímọ́ gaara, ó sì dá a padà fún ẹ̀gbọ́n mi níbi tó jókòó sí. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún, lápútọ́ọ̀pù náà dún tẹ̀ lé e, nítorí lọ́tẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì ló wà ní ìjókòó nígbà tí wọ́n ń pín in.